Méje ló wọlé, mẹ́rin àti ààbọ̀ ló jáde: ìrírí mi pẹ̀lú 1.54 nínú kọnkéré

Iṣẹ́ kọntirakítọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń kọ́. Kò sí ibi tí èmi àti onílé ti máa ń fa ọ̀rọ̀ tó ìwé ọjà dẹ́kìn. Onílé á mú téépù, á wọn gígùn, á wọn ìbú, á fi nínípọn rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Yóò wá ṣe àpapọ̀ símẹ́ńtì, yanrìn àti gíráníìtì tí mo ní kó rà, yóò sì rí i pé ó ju àyè tó wà nínú pákó tí a fẹ́ da kọnkéré sí lọ dáadáa. Kì í ṣe díẹ̀ ló fi jù ú lọ. Ó lé ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ojú tí wọ́n fi ń wo èmi àti sítọ́ọ̀ mi á yí padà, bí ẹni pé mo ń kọ́ ilé tèmi sí ẹ̀yìn ilé tiwọn.

N kì í bínú sí wọn, torí ohun tí wọ́n wọ̀n yẹn tọ̀nà. Ohun tí wọn ò kà mọ́ ọn ni afẹ́fẹ́ tí típà já sílẹ̀ pẹ̀lú òkúta.

Ẹni tó bá fẹ́ rí afẹ́fẹ́ yìí, kó wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-20 lítà tó ti ṣófo. Kó bu gíráníìtì sí i dé ẹnu, kó má gbọ̀n ọ́n, kó má sì kì í mọ́lẹ̀. Kó wá máa fi ike tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ da omi sí i títí omi yóò fi dé ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ gíráníìtì fífọ́ tí gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi lítà 9 omi ni yóò gbà kó tó kún. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa gbà pé ó kún fún òkúta, òkúta inú rẹ̀ kò ju lítà 11 lọ. Àlàfo tó wà láàárín òkúta kan sí èkejì ló gba ìyókù.

Bí yanrìn náà ṣe rí nìyẹn, àfi pé àlàfo tirẹ̀ kéré débi pé ojú kì í rí i. Símẹ́ńtì gan-an ló ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù, torí wọ́n rò pé nǹkan tó kúnná tó bẹ́ẹ̀ kò lè ní àlàfo. Kúbíìkì mítà kan símẹ́ńtì tí a kàn bù sílẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,440. Bí a bá lè fún gbogbo afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀ kó di òkúta kan gbágbá, kúbíìkì kan rẹ̀ yóò wúwo tó kílò 3,150. Ìyẹn ni pé ju ìdajì àyè tí símẹ́ńtì gbà lọ ló jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán.

Nígbà tí a bá wá pò wọ́n pọ̀, yanrìn á wọ inú àlàfo gíráníìtì, símẹ́ńtì àti omi á wọ inú àlàfo yanrìn. Ẹni tó bá ti da kóńgò gààrí kan lé kóńgò ẹ̀wà méjì lórí nínú abọ́ kan tó sì mì ín, ó mọ̀ pé kóńgò mẹ́ta kọ́ ni yóò bá níbẹ̀. Bí a bá tún wá fi fáíbérétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n kọnkéré, gún un nínú pákó, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ á tún jáde, gbogbo rẹ̀ á sì rọlẹ̀ sí i.

Ìdí nìyẹn tí àwa oníṣẹ́ fi ní ìwọ̀n méjì. Ìwọ̀n tútù ni àyè tó wà nínú pákó, èyí tí kọnkéré yóò kún lẹ́yìn tí a bá ti rò ó tí a sì ti kì í. Ìwọ̀n gbígbẹ ni àyè tí àwọn ohun èlò gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nílẹ̀, kí omi tó kàn wọ́n. Láti inú tútù bọ́ sí gbígbẹ, a máa ń sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.54. Àwọn kan ń lo 1.52, àwọn mìíràn ń lo 1.57, ṣùgbọ́n 1.54 ló wọ́pọ̀ jù, òun náà sì ni mò ń lò.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi lò ó gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀gá mi ṣe fún mi, láì bi í pé níbo ló ti wá. Ìgbà tí mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò ni mo tó rí i pé kò sí awo kankan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kúbíìkì mítà kan kọnkéré 1:2:4 hàn yín, ìyẹn lítà 1,000 nínú pákó. Bí a bá lo 1.54, lítà 1,540 ohun gbígbẹ la ó kó jọ. Ìpín méje ni 1:2:4, nítorí náà símẹ́ńtì á gba lítà 220, yanrìn á gba 440, gíráníìtì á gba 880.

Ẹ wá jẹ́ ká bi wọ́n pé mélòó ni ara yín gan-an nínú rẹ̀. Símẹ́ńtì lítà 220 wúwo tó nǹkan bíi kílò 317, bí a bá yọ afẹ́fẹ́ kúrò, ara rẹ̀ kò ju lítà 101 lọ. Yanrìn tí típà ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀, tó sì gbẹ, máa ń wúwo tó bíi kílò 1,450 nínú kúbíìkì kan. Lítà 440 tiwa á jẹ́ kílò 638, ara rẹ̀ á sì jẹ́ lítà 241. Mo ka gíráníìtì náà sí kílò 1,450 fún kúbíìkì kan, lítà 880 á jẹ́ kílò 1,276, òkúta inú rẹ̀ á sì jẹ́ lítà 473. Ẹ ro ara àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: lítà 815 péré. Nínú òkìtì lítà 1,540, afẹ́fẹ́ ló ni 725.

Omi ló kàn. Fún àpò símẹ́ńtì kan, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi bíi lítà 27 àti ààbọ̀ pò ó, ìyẹn á jẹ́ lítà 174 fún kúbíìkì wa yìí. Omi yìí kò fẹ ìwọ̀n náà ju òkìtì lọ, àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà tẹ́lẹ̀ ló lọ jókòó sí. 815 àti 174 jẹ́ 989. Lítà 11 tó kù kí ó pé 1,000 ni afẹ́fẹ́ kékeré tí kò gbọ́ tí fáíbérétọ̀, kò sì sí kọnkéré tí kò ní irú rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ 725, omi gba ipò 174, 11 kù síbẹ̀, 540 bá atẹ́gùn lọ. 540 yẹn ni .54 tó wà lẹ́yìn 1.

Ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ pé ìṣirò yìí tọ̀nà ni ìwúwo. Kílò 317, 638, 1,276 àti 174 papọ̀ jẹ́ 2,405. Gbogbo ẹni tó ti wọn kọnkéré tí kò ní irin nínú rí mọ̀ pé kúbíìkì kan rẹ̀ máa ń wà ní àyíká kílò 2,400. Nítorí náà, ẹyọ òkúta kan kò sọnù, símẹ́ńtì ṣíbí kan kò sí lọ́wọ́ sítọ́ọ̀. Àyè ló dínkù, ohun èlò kò dínkù. Látìgbà tí mo ti ṣe ìṣirò yìí, ìbéèrè onílé kì í bà mí lẹ́rù mọ́.

Bàbá kan wà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ìṣirò, mo ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún wọn. Dẹ́kìn wọn gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 8, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, yàtọ̀ sí àwọn bíìmù tí a ti rò tẹ́lẹ̀. Mo kọ àpò símẹ́ńtì 80 sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì ṣe ìṣirò tiwọn sẹ́yìn ìwé mi, ó mọ́ tónítóní bí ti ojú pátákó.

"Ẹnjiníà, jókòó," ni wọ́n wí. "Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́jọ lọ́nà .15, kúbíìkì méjìlá ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìpín rẹ jẹ́ méje. Méjìlá pín sí méje, símẹ́ńtì gba ìpín kan. Mo sọ ọ́ di kílò, mo pín in sí 50, àpò 50 ló jáde, kò pé gan-an pàápàá. Ta ló ni ọgbọ̀n tó kù?"

Ìṣirò Bàbá kò ní àbùkù kankan bí ìṣirò. Ohun tí wọ́n pín ni àyè inú pákó, bẹ́ẹ̀ ìpín 1:2:4 kì í ṣe ìpín àyè inú pákó. Ìpín ohun tí a bù nílẹ̀ ni, kí a tó pò ó. Bí a bá pín 12 sí méje, a ti gbà pé bọ́kẹ́ẹ̀tì méje tó wọlé ni bọ́kẹ́ẹ̀tì méje tó jáde.

N kò bá Bàbá jiyàn. Mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-lítà 5 wá àti páànù pẹlẹbẹ kan. Wọ́n bu símẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, gíráníìtì mẹ́rin, Bàbá ń ka gbogbo rẹ̀ fúnra wọn. A fi omi lítà 4 pò ó. Mo wá ní kí wọ́n máa dá a padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí wọ́n fi irin gún un dáadáa bó ti ń kún. Ó kún lẹ́ẹ̀mẹrin, èkarùn-ún sì dé ìdajì, ó fi díẹ̀ lé. Bàbá yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n wo ilẹ̀ yíká páànù bóyá ó dà sílẹ̀. Kò dà.

"Méjì àti ààbọ̀ dà?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá sọ ohun tí n kò gbàgbé títí dòní: "Ó yẹ kó o kọ afẹ́fẹ́ náà sínú ìwé, kí n mọ̀ pé o kò tà á fún mi." Láti ọjọ́ yẹn, ìwé ọjà mi kì í ní iye àpò nìkan mọ́. Ìlà ìwọ̀n tútù máa ń wà níbẹ̀, ìlà ìwọ̀n gbígbẹ á tẹ̀ lé e, èyí tí mo fi kún un fún ohun tó máa dànù á sì dá dúró. Bí ti Bàbá ṣe rí nìyí:

```
10 × 8 × 0.15 = 12
12 × 1.54 = 18.48
18.48 ÷ 7 = 2.64
2.64 × 1440 ÷ 50 = 76
2.64 × 2 = 5.28
2.64 × 4 = 10.56
```

Àpò símẹ́ńtì 76, kúbíìkì yanrìn 5.28, kúbíìkì gíráníìtì 10.56. Mo wá fi 5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, torí àpò kan lè ya, yanrìn ìsàlẹ̀ òkìtì máa ń pò mọ́ ilẹ̀, lébìrà kan á sì da báàrò nù lórí àkàbà. Símẹ́ńtì di 80, yanrìn sún mọ́ 5.55, gíráníìtì sún mọ́ 11.1. Tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ta gíráníìtì fún wa láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, nítorí náà mo sọ ọ́ di tọ́ọ̀nù 16 pẹ̀lú kílò 1,450 fún kúbíìkì kan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ká ní àpò 50 Bàbá ni a gbé lọ sórí dẹ́kìn ńkọ́? Àpò kan nínú 1:2:4 máa ń fún wa ní nǹkan bíi kúbíìkì .158 kọnkéré, àádọ́ta á fún wa ní 7.9. Nínú mítà mẹ́wàá gígùn, símẹ́ńtì á tán nígbà tí a bá dé bíi mítà mẹ́fà àti ààbọ̀. Èyí tí a bá rò lọ́jọ́ kejì á wá lẹ̀ mọ́ kọnkéré tó ti gan, ojú ìlẹ̀pọ̀ yẹn á sì bọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò yàn. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ohun tí àwọn bíríkìlà kan máa ń ṣe bí símẹ́ńtì bá ń lọ tán tí onílé kò sí nítòsí. Wọ́n á na símẹ́ńtì tó kù, wọ́n á fi 50 ro yanrìn àti gíráníìtì tó yẹ kí 76 rò. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, 76 pín sí 50 jẹ́ 1.52, ìpín náà á di nǹkan bíi 1:3:6. Kọnkéré tí a ń tẹ́ sísàlẹ̀ ìpìlẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa kan ẹrẹ̀ nìyẹn, òun ni wọ́n máa gbé lé orí ẹni.

Ibi tí mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń ṣi 1.54 lò jù ni ibi tí wọ́n ti ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan á sọ 12 di 18.48, á pín in, á rí kúbíìkì yanrìn 5.28, á wá rántí pé "yanrìn gbígbẹ ni," á tún fi 1.54 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀, lórí àpapọ̀, kí a tó pín. Ohun tó bá jáde lẹ́yìn pípín ti jẹ́ ìwọ̀n inú òkìtì, òun gan-an lẹ ó bá típà sọ.

Èkejì ni ìpadàsẹ́yìn. Wọ́n á ní òkìtì tó kù nílẹ̀ jẹ́ kúbíìkì 10 lápapọ̀, mélòó ni kọnkéré tó máa fún wa? Ẹlòmíràn á yọ 54 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, á ní 4.6. Pípín ni, kì í ṣe yíyọ. 10 pín sí 1.54 jẹ́ 6.5. Gbígbẹ fi 54 nínú ọgọ́rùn-ún ju tútù lọ, ṣùgbọ́n tútù fi 35 péré dín sí gbígbẹ, torí iye tí a ti ń yọ ọ́ ti tóbi jù ti àkọ́kọ́.

Ẹ má sì fi 1.54 kan kọnkéré tí wọ́n ń pò wá láti ilé iṣẹ́ sínú ọkọ̀ tó ń yí. Ìwọ̀n tútù ni wọ́n ń tà. Bí dẹ́kìn bá jẹ́ 12, ẹ béèrè 12 àti díẹ̀ fún èyí tó máa dànù. Mo mọ onílé kan tó béèrè 18 ààbọ̀ nítorí pé ẹnì kan sọ fún un pé "ẹ má gbàgbé 1.54," ọkọ̀ tó kẹ́yìn dé nígbà tí kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ dà á sí mọ́, wọ́n sì fi kọnkéré dáradára tẹ́ ojú ọ̀nà ilé aládùúgbò.

Ti àpòpọ̀ símẹ́ńtì àti yanrìn tí a fi ń to búlọ́ọ̀kù tàbí tí a fi ń rẹ́ ògiri yàtọ̀. Kò sí gíráníìtì nínú rẹ̀, àlàfo ńlá tí yanrìn ń sá wọ̀ kò sí, nítorí náà kì í dínkù tó ti kọnkéré. Nǹkan bíi 1.3 ni mò ń lò fún un.

Ní báyìí, bí ẹ bá bi mí pé ṣé 1.54 máa ń tọ̀nà níbi gbogbo, rárá ni n ó sọ. Àlàfo ló bí i, bí àlàfo bá yí padà, òun náà á yí. Òkúta odò tó rìbìtì máa ń jókòó ti ara wọn dáadáa ju gíráníìtì fífọ́ lọ, àlàfo wọn sì kéré. Gíráníìtì tí ńlá àti kékeré pò mọ́ra nínú rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, àwọn kékeré á ti wọ àárín àwọn ńlá kí yanrìn tó dé. Ní irú ibẹ̀, iye yẹn lè wálẹ̀ kọjá 1.5. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méje tí mo fi han Bàbá yẹn ni mò ń lò báyìí láti mọ ti ohun èlò tó bá wà nílẹ̀. Bí méje bá wọlé tí 4.7 jáde, ẹ pín 7 sí 4.7, 1.49 nìyẹn. Ìwọ̀n tí ẹ fi ojú ara yín rí ṣe é gbára lé ju èyí tí ẹ há sórí lọ, àfi kí ẹ ṣáà rántí fi irin kì í bí fáíbérétọ̀ ṣe máa kì í.

Yanrìn tútù ló máa ń dà á rú jù, pàápàá láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Yanrìn tó gbẹ àti yanrìn tó rì sínú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè kan náà. Èyí tó kàn rọ̀, tó ṣe é fi ọwọ́ mọ, òun ló máa ń wú. Omi fẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń tì wọ́n jìnnà sí ara wọn, ó sì lè fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún àyè tí wọ́n gbà. Àpótí kan náà ni lébìrà ń fi wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ yanrìn inú rẹ̀ ti dínkù. Nínú kúbíìkì kan tí mo tú palẹ̀ lókè, lítà 440 tó yẹ kó gbé kílò 638 á wá gbé bíi 530 péré. Yanrìn tó ṣaláìsí á dín kọnkéré kù ní bíi lítà 40. Lórí dẹ́kìn Bàbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kúbíìkì, ìyẹn àpò mẹ́ta símẹ́ńtì tí a ó tún ṣí. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kọnkéré á le lábẹ́ ṣọ́bìrì, òkúta á máa yọrí, pákó tí wọ́n fi ń tẹ́ ẹ kò ní lè mú ojú rẹ̀ dán.

Ìgò tó mọ́ gara ni mo fi ń dán an wò. Mo máa ń bu yanrìn náà sínú rẹ̀ láìkì í, n ó sàmì síbi tó dé, n ó da omi bò ó, n ó rò ó pọ̀ kí ó tó jókòó. Bó bá wálẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 12 sí 10, ó ti wú ní ìdá kan nínú márùn-ún, n ó sì ní kí wọ́n fi ìdá kan nínú márùn-ún kún ìwọ̀n yanrìn. Omi tí wọ́n ń dà sí i náà á dínkù, torí yanrìn ti gbé díẹ̀ wá.

Àpótí ni mo ní kí káfíńtà kàn fún mi fún gbogbo èyí, sẹ̀ǹtímítà 40 lọ́nà 35, ó jìn ní 25. Àpò símẹ́ńtì kan bá a mu rẹ́gí, kúbíìkì .035. Méjì yanrìn, mẹ́rin gíráníìtì, a kì í bá báàrò ṣe mọ́. Báàrò ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí lébìrà fi ń kó o jọ sókè kò dọ́gba láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ tí a bá ń ro dẹ́kìn, n kì í gbé ìwé ìṣirò káàkiri. Kúbíìkì .158 láti inú àpò kan, bí nínípọn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, á bo nǹkan bíi mítà kan lọ́nà mítà kan, ó fi díẹ̀ lé. Nítorí náà, àpò kan sí mítà kan ni mò ń fi ojú bá lọ. Ọmọ iṣẹ́ kan á máa ka àpò tó ṣófo. Bí ó bá pe ogójì tí ojú tí a ti rò kò sì tíì tó mítà ogójì, n ó dá míkísà dúró ná.

Lọ́pọ̀ ìgbà, 1.54 kọ́ ló jẹ̀bi. Pákó ló ti tẹ̀. Bí ọparun tí a fi gbé pákó ró bá rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, tí dẹ́kìn sì di sẹ̀ǹtímítà 16 àti ààbọ̀ dípò 15, ó ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá nípọn sí i. Ìyẹn kúbíìkì 1.2, ó sún mọ́ àpò mẹ́jọ. Mo máa ń ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo fi ọ̀dà sàmì sí lára ní 15, n ó máa tì í bọnú kọnkéré níbi mẹ́ta mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ.

Bí àpò bá sì ṣẹ́kù púpọ̀, n kì í yọ̀. Àpò mẹ́rin tí a fi kún un fún ìdànù lè kù, kò burú. Àmọ́ bí mẹ́wàá tàbí méjìlá bá wà nílẹ̀ nígbà tí dẹ́kìn ti kún, irin mi ni mo máa ń kọ́kọ́ mú láti wò ó bóyá ó fẹ́lẹ́ níbì kan. Bí kò bá fẹ́lẹ́, n ó bi ẹni tó wà nídìí míkísà pé àpótí mélòó ló ń bù. Bí ìyẹn náà bá pé, fáíbérétọ̀ ló kù. Kọnkéré tí a kò kì ṣì ní afẹ́fẹ́ nínú, ó sì máa ń fi afẹ́fẹ́ yẹn kún pákó. Lọ́jọ́ tí a bá tú pákó, ẹ ó bá ihò níbi tí irin pọ̀ sí, òkúta á yọ eyín síta, irin gan-an á sì máa wò yín láti inú.